Kí Máàkì Tó Dé

Ìyá mi ló kọ́ mi ní Yorùbá ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí lè má jọ ẹnikẹ́ni lójú, nítorí ìyá wo ni kì í kọ́ ọmọ rẹ̀ lédè? Ṣùgbọ́n tèmi dúró níwájú pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo kíláàsì jókòó, èmi náà sì jókòó pẹ̀lú wọn. Ilé-ìwé ìjọba ni, kò jìnnà sí ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì. Àdúgbò Basin ni ilé wa wà, a sì máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ láràárọ̀. Lójú ọ̀nà, Mọ́mì ni mò ń pè é. Bí a bá ti wọ géètì, ó di "mà". Òun fúnra rẹ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé, tí mo nawọ́ sókè tí mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì. Òun yíjú sí pátákó bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Nílé, orí tábìlì tó yẹ kí a ti máa jẹun ni ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà. Kíláàsì tí ìyá mi ń kọ́ pọ̀, ọmọ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ̀ ju àga lọ. Bí wọ́n bá kọ àròkọ nínú tẹ́ẹ̀sì, ìwé wọn á ga bí ìkòkò ọbẹ̀. Á máa máàkì wọn díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tún mú méjì mẹ́ta nígbà tí ìrẹsì bá wà lórí iná, ọ̀sẹ̀ á sì máa gorí ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo àṣìṣe pátá ló máa ń fa ìlà sí nídìí, á fi bírò pupa kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kọ máàkì sórí ìwé, á fi òbìrìkìtì yí i ká. Nígbà tí a bá fi máa gba ìwé wa, a ti kúrò lórí iṣẹ́ yẹn tipẹ́, ìdánwò ìparí sáà ti ń kanlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tíṣà yòókù, kódà ti àwọn mìíràn kì í padà rárá. A ó wo máàkì wa, a ó yọjú wo ti ẹni tó jókòó tì wá, a ó ká ìwé náà, ó parí. Gbogbo bírò pupa tí ìyá mi fi ń ṣòfò yẹn, kò sẹ́ni tó ń kà á. Èmi náà kì í kà á. Èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní nínú Yorùbá, kí ni mo tún fẹ́ kà?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń wá láti Òkè-Òyì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ a sì máa kó iṣu àti àgbàdo sí ẹ̀bá títì tà. Ọ̀kadà ló ń gùn jáde láti ilé wọn, á wọ bọ́ọ̀sì kékeré wá sí ìgboro, á sì tún gun kẹ̀kẹ́ kó tó dé ilé-ìwé. Síbẹ̀, kì í pẹ́ bí àwọn kan nínú wa tó ń gbé ìtòsí. Ẹnu ọmọ yìí dùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn nígbà ìsinmi, bóyá ìtàn awakọ̀ tó já wọn sọ́nà nítorí kò fẹ́ pàdé ọlọ́pàá, tàbí ti ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu, a ó gbàgbé pé ebi ń pa wá. Ṣùgbọ́n tó bá di pé kó kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó dùn létí yẹn á di ìdààmú lójú. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan lókè ìwé, gbólóhùn náà kò ní dúró títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. "Ó" yóò wà níbẹ̀, "wọ́n" yóò wà níbẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá awakọ̀ ni tàbí ewúrẹ́. Ní ìparí SS 1, ó fìdí rẹmi nínú Yorùbá. Ojú tì í gan-an, torí òun gan-an ni àwọn olùkọ́ máa ń pè pé kó wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àṣà.

Ọ̀sẹ̀ tí a wọlé sí SS 2, ó wá dúró de ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́. Èmi ni mo gbé báàgì ìyá mi dání lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní òun fẹ́ rí ìwé tí òun kọ nínú ìdánwò. Ìyá mi sọ fún un pẹ̀lú sùúrù pé wọ́n ti kó ìwé ìdánwò lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ti fi máàkì ránṣẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè yí i padà mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Ó ní, "Mà, n kò bèèrè máàkì. Máàkì ti lọ. Ohun tí mo ṣe tí kò dára ni mo fẹ́ mọ̀, kí n má tún lọ ṣe é."

Ìyá mi ní kó dìde, kó wá lọ́jọ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìdánwò, ìyẹn bá a wá a jáde láàárín àwọn tí wọ́n fi okùn dì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń kà á. Ìyá mi sọ fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kò sí ohun tuntun kan nínú ìwé yẹn. Òun ti fi bírò pupa kọ ọ́ fún ọmọ náà ní sáà kìíní pé kó máa dá ẹnu dúró, kó máa sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan. Òun tún kọ ọ́ ní sáà kejì. Ó bi í pé ṣé kò rí i ni. Ọmọ náà ní òun rí pupa náà, ó pọ̀, ṣùgbọ́n máàkì ni òun kọ́kọ́ rí, ojú ti òun, òun sì ká ìwé náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà yẹn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìdánwò, ìwé ìtàn àpilẹ̀kọ sì ni a ń kà nínú kíláàsì; a ti kúrò lórí àròkọ.

Bàbá mi ń jẹ tùwó rẹ̀ lọ nígbà tí ìyá mi ń sọ èyí. Olùkọ́ ni òun náà, ọ̀nà tirẹ̀ ló yàtọ̀: àwọn ọmọdé ló ń kọ́ ní kéwú lọ́sàn-án, ní ìdí mọ́sálásí kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ó ní kí ni wọ́n ń ṣe hàáà sí níbẹ̀? Ó ní bí ọmọ bá ṣi súrà kà níwájú òun, ojú ẹsẹ̀ ni òun ń dá a padà síbi tó ti ṣì í, òun kì í dúró di ọjọ́ wòlímọ̀, tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìparí kéwú, kí òun tó sọ fún un. Ìyá mi ní òtítọ́ ni, àmọ́ ó gbàgbé láti sọ ti pàṣán tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti mu omi.

Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá mi lára. Lọ́jọ́ Sátidé, bó ti ń wọ bùbá rẹ̀ wò lọ́dọ̀ aránṣọ, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní aṣọ tó ṣì wà lórí máṣíìnì, bó bá fún ni lápá, wọn á tú u, wọn á tún un rán. Lọ́jọ́ Iléyá, tí ènìyàn ti wọ̀ ọ́ débi ìrun, kí ni èèyàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pé apá rẹ̀ fún ṣe? Ó ní ìdánwò ìparí ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń sọ ibi tí ọmọ dé, àwọn òbí sì ní láti mọ̀ ọ́n, ìjọba náà ní láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun ti ń fi gbogbo agbára òun ṣe ìyẹn nìkan. Kódà tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó máa ran ọmọ lọ́wọ́ láàárín ẹ̀kọ́, òun ti sọ ọ́ di ìdánwò ìparí kékeré.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nǹkan yí padà nínú kíláàsì wa. Ìyá mi kò ní kí a kọ odidi àròkọ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni. Yóò gbà á lọ́wọ́ wa, yóò kà á lọ́jọ́ náà, torí ìpínrọ̀ kan kò gùn, kò sì fa ìlà sí gbogbo àṣìṣe mọ́. Ohun kan tó dára ni yóò tọ́ka sí, yóò sì béèrè ìbéèrè kan. Kò sí máàkì lórí rẹ̀. Bó bá padà wọlé wá ní iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a dáhùn ìbéèrè yẹn, kí a sì tún ìpínrọ̀ náà kọ. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Bó bá sì rí i pé ohun kan náà ló ń dààmú ọ̀pọ̀ wa, yóò fi iṣẹ́ tó ti pèsè sílẹ̀, yóò tún kọ́ wa ní èyí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dá ìwé padà, ariwo sọ. Àwọn ọmọ ń yí ìwé síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wá nọ́ńbà. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi dìde, ó ní, "Mà, èló ni mo gbà?" Ìyá mi ní kò gba nǹkan kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, kó ka ohun tí òun kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tó ṣe mí. Inú mi kò dùn. Ìbéèrè tó kọ sínú ìwé tèmi ni pé, "Gbogbo ohun tí o sọ nípa ọjà yìí ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ni ìwọ fúnra rẹ rí níbẹ̀?" Mo kà á, ara mi gbóná. Àwọn ọdún tó kọjá, máàkì tó ga ni mo máa ń rí, mo sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Báyìí, n kò mọ̀ bóyá mo ṣì wà lókè tàbí mo ti já wá sísàlẹ̀. N kò lè yọjú wo ti ọ̀rẹ́ mi kí n fi tèmi wé e, torí ìbéèrè ló wà lórí tirẹ̀ náà: "Ta ni 'wọ́n' nínú ìlà kẹta?" Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ìbéèrè wé ìbéèrè? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rìn bí a ti ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ra máásà fún mi lójú ọ̀nà, kò sì bi mí léèrè ohun tó ń bí mi nínú. Nígbà tó yá, bí máásà ti ń tán lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ohun tí mo rí ní ọjà ní tòótọ́: àwọn obìnrin tó fẹ́ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlẹ́rù, tí ẹ̀yìn wọn kan ara ògiri ààfin. N kò tíì kọ irú ìyẹn sílẹ̀ rí.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́, ránṣẹ́ pe ìyá mi kí oṣù tó parí. Kì í ṣe ènìyàn líle. Bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó máa ń gbé tẹ̀sùbáà sápò ni. Ó ní àwọn òbí kan ti wá bèèrè ìdí tí kò fi sí máàkì nínú ìwé Yorùbá ọmọ wọn. Ó ní òun mọ ọmọ ilé-ìwé: bí kò bá sí máàkì, wọn kò ní ṣiṣẹ́, àti pé máàkì tẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì kí sáà tó parí. Ìyá mi ṣàlàyé pé òun kò pa tẹ́ẹ̀sì tì. Àwọn tẹ́ẹ̀sì tí ìwé ètò là sílẹ̀ yóò wáyé, máàkì wọn yóò dé lásìkò. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí tẹ́ẹ̀sì tó dé ni òun kò fi máàkì sí, torí òun ti rí i pé tí máàkì àti ọ̀rọ̀ bá wà lórí ìwé kan náà, máàkì nìkan ni ọmọ ń kà. Bàbá náà ní ó dára, ṣùgbọ́n òun yóò máa wo ohun tí tẹ́ẹ̀sì bá sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dojú rú nìyẹn.

Ìyá mi ti rí i pé èsì tó tètè dé ń ṣiṣẹ́, ó sì wá gbà pé bó bá ṣe yá tó ni yóò ṣe dára tó. Kò wá dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Bí a bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, yóò máa rìn láàárín wa, yóò tẹ̀ wo ìwé yìí, yóò tẹ̀ wo tọ̀hún, á nàka sí i pé dá ẹnu dúró níbí, pín in sí méjì níbẹ̀, àmì ohùn wo ló yẹ kó wà lórí èyí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló ti máa ń pẹ́ jù. Ìpínrọ̀ ọ̀rẹ́ mi sì ń dára lójoojúmọ́, inú àwọn méjèèjì ń dùn. Nílé, bí mo bá jókòó ti iṣẹ́ mi, n kò tíì kọ gbólóhùn kan tán tí yóò ti na ọwọ́ wá láti ẹ̀yìn mi. Mo wá mọ́ ọn lára láti máa dúró. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, màá gbé ojú sókè wò ó.

Tẹ́ẹ̀sì àárín sáà dé. Òfin ni pé kí olùkọ́ jókòó síwájú kó máa ṣọ́ wa, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìwé ẹnikẹ́ni. Mo rí i tí ọ̀rẹ́ mi gbé bírò dání, tó ń wo ìyá mi níwájú, tó tún wo ìwé rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, tirẹ̀ kò dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbólóhùn rẹ̀ tún ti ṣàn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí omi gọ́tà. Ó sunkún lẹ́yìn kíláàsì, kì í ṣe ẹkún ariwo, ó kàn dorí kodò sórí tábìlì, mo sì lọ jókòó tì í. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kò bá ìyá mi jà. Ó kàn ní, "Màdáámù, ẹ rí i?" Ìyá mi sọ fún bàbá mi pé ìbá sàn kó bínú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a wà ní ilé ìdáná. Mò ń ṣa ìrẹsì, òun ń gé àlùbọ́sà, ó sì ń sọ pé bóyá òun ti ń tan ara òun jẹ, bóyá ọmọ náà kò kàn lè kọ̀wé ni. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ṣáá.

Mo ní, "Mọ́mì, ó lè kọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ wa kí a tó rò ó tán."

Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Gba kí ni?"

"Ibi tó ti ṣòro. Bí a bá ti débẹ̀, ẹ ti sọ ọ́. A kì í tún wá a mọ́."

Ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà wà níwájú rẹ̀, n kò sì lè sọ èyí tó fà á. A jẹun, ó kírun, ó lọ sùn. Lójú ọ̀nà ilé-ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a fẹ́ dé géètì, tí mo ti fẹ́ máa pè é ní mà, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "O ṣeun. Èsì tó pẹ́ jù kò wúlò, èyí tó yá jù ń jí iṣẹ́ gbé lọ́wọ́ oníṣẹ́. Máa bá mi ṣọ́ ara mi."

Ohun tó wá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé ó ya nǹkan sọ́tọ̀. Àmì ohùn àti bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohun tí ènìyàn mọ̀ tàbí tí kò mọ̀, ó ń dá wa padà lójú ẹsẹ̀ lórí ìyẹn, kí àṣìṣe má baà mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n bó bá di àròkọ, bóyá ìtàn náà ń lọ létòlétò, bóyá ẹni tó ń kà á yóò mọ ẹni tó ń ṣe kí ni, kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Yóò lọ jókòó. Bí a bá kọ ọ́ tán, a gbọ́dọ̀ kà á fún ara wa jẹ́ẹ́jẹ́, kí a fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí ibi tó bá ń kọ wá lóminú. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kejì wa yóò kà á. Ọjọ́ kejì ni ìwé rẹ̀ ń padà dé, kò sì ní sọ ohun tó tọ́ fún wa mọ́. Ìlà kékeré ni yóò fà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí nǹkan wà, àwa ni yóò wá a rí.

Ó ṣòro fún un. Mo rí i níwájú kíláàsì, tó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni tó di ara rẹ̀ ní okùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ dìde. Ó tún ṣòro fún ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ pé ìlà tí ìyá mi fà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní òun yóò kúkú lọ máa bá ìyá òun ta iṣu. Mo ní kó sọ ìtàn náà fún mi lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn nípa bí òjò ṣe ká wọn mọ́ ẹ̀bá títì ní Òkè-Òyì ni, tí ìyá rẹ̀ fi gèlè rẹ̀ bo àgbàdo dípò orí rẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́, mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń mí. Bó bá sọ nǹkan kan tán, á dúró, á wò mí bóyá mo gbọ́, kó tó bọ́ sí òmíràn. Mo sọ fún un. Ó ní kí ni mo wí? Mo ní, "Ibi tí o bá ti ń mí, fi àmì síbẹ̀."

Ó tún ìpínrọ̀ náà kọ níṣojú mi, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ìwé náà padà, ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ku méjì. Ìyá mi kọ sísàlẹ̀ pé: "Mo rí ìyá rẹ. Mo rí gèlè náà. Àwọ̀ wo ni?" Ọ̀rẹ́ mi ka ìyẹn láìmọye ìgbà. Kò béèrè èló ni òun gbà.

Sáà kẹta, ìdánwò ìparí ọdún. Kò sí ìtàn òjò nínú ohun tí wọ́n ní kí a kọ. Lẹ́tà ni, sí alága ìjọba ìbílẹ̀, lórí ọ̀nà tó bàjẹ́. Mo tètè parí tèmi, mo gbé ojú sókè. Ọ̀rẹ́ mi wà ní ọ̀gangan iwájú mi, ó ti kọ tirẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò fi bírò sílẹ̀. Ó fi ìka sórí ìlà àkọ́kọ́, ó ń kà á, ó ń mí. Ó dúró, ó fi àmì kan síbẹ̀. Ó lọ sí ìlà kejì. Nígbà tó yá, ó pa "wọ́n" kan rẹ́, ó kọ nǹkan mìíràn dípò rẹ̀. Kò wo iwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi kò sí nínú gbọ̀ngàn náà rárá. Olùkọ́ mìíràn ló ń ṣọ́ wa. Mo gbàgbé pé iṣẹ́ tèmi náà wà nílẹ̀ tó yẹ kí n tún kà, mo kàn ń wò ó.

Ó yege. Kò gba ipò kìíní, èmi náà kò gbà á lọ́dún yẹn, ọmọkùnrin ẹ̀yìn mi tó béèrè máàkì rẹ̀ ló gbà á. Mo rò pé yóò dùn mí, ó sì dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo kọ tó mí, mo mọ ibi tó ti dára àti ibi tí mo ti kánjú. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kò sọ pé ìyá mi jàre. Ó kàn pàṣẹ ní ìpàdé pé láti ìsinsìnyí lọ, tíṣà tó bá ṣe tẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ dá a padà nígbà tí wọ́n bá ṣì wà lórí iṣẹ́ náà, kó sì fi àyè sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tún ohun tí wọ́n ṣì ṣe. Àwọn tíṣà kan kùn, torí ọmọ pọ̀, iṣẹ́ sì pọ̀. Ìyá mi sọ fún wọn pé òun náà kò lè máàkì gbogbo nǹkan, pé kí wọ́n máa gba ìwé díẹ̀, kí ó kúrú. Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀, àwọn kan kò ṣe é.

Ìdánwò àṣejáde ní SS 3 ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí a kọ Yorùbá, wọn kì í jẹ́ kí olùkọ́ iṣẹ́ náà sún mọ́ gbọ̀ngàn. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó múra, ó bá mi rìn láti Basin. Kò fún mi ní ìmọ̀ràn kankan lójú ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ta wàrà tó kan fún un. Nígbà tí a dé géètì, ọ̀rẹ́ mi ti wà níbẹ̀, erùpẹ̀ pupa Òkè-Òyì wà ní bàtà rẹ̀. Ìyá mi tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tún tèmi ṣe, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, ó sì yí padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́dẹ ní ìta. Láti ojú fèrèsé, mo lè rí ìbòrí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe fún wa mọ́, mo sì rí i pé ó ti gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a jáde, àwọn ọmọ yí ìyá mi ká, wọ́n ń bi í pé èwo ni ìdáhùn èyí, èwo ni tìyẹn. Ó fún wọn lóhùn ní ṣókí. Nígbà tó kan èmi àti ọ̀rẹ́ mi, a dúró de ìbéèrè rẹ̀. Ó wo ojú wa dáadáa, èmi, lẹ́yìn náà òun, ó sì ní ebi á ti máa pa wá, pé kí a lọ wá nǹkan jẹ. A wọ kẹ̀kẹ́ kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wa pọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ ìtàn bọ́ọ̀sì tó gbé e wá ní òwúrọ̀ yẹn. Oníkẹ̀kẹ́ náà dín eré kù kó lè gbọ́.